Ẹ Bá Mi Yọ Iṣẹ́ Ìròyìn Bọ́ọ̀lù Tó Ń Gé ₦100 Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ Kúrò Lórí Nọ́mbà Mi

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 11, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà

Nọ́mbà tíkẹ́ẹ̀tì ìráhùn àtẹ̀yìnwá: 1014-3386 (nọ́mbà fóònù mi, tó parí sí 4471, wà lórí rẹ̀ ní kíkún)

Ẹ kú iṣẹ́ o.

Ní àràárọ̀ Ọjọ́ Ajé, láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́fà ààbọ̀, ẹ̀rọ yín máa ń gé ₦100 nínú owó ìpè tó wà lórí nọ́mbà yìí. Iṣẹ́ tí ẹ ń gé e fún ni ìròyìn bọ́ọ̀lù tó ń wọlé láti nọ́mbà kúkúrú 35096. N kò forúkọ sílẹ̀ fún un. Mo fẹ́ kí ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá kí Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ọjọ́ 17, tó mọ́, kí ẹ sì dá owó mi padà.

Ọjọ́ 1, oṣù Kẹsàn-án ni gígé náà bẹ̀rẹ̀. Títí di àná, ọjọ́ 10, oṣù Kọkànlá, ó ti di ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá, àpapọ̀ rẹ̀ ₦1,100. Bí ẹ bá wo àkọsílẹ̀ yín, ẹ̀yin náà lè kọ́kọ́ rí i bí méjìlá, nítorí pé wọ́n gé ti ọjọ́ 6, oṣù Kẹwàá, sí ọ̀nà méjì. ₦63 péré ló wà lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀rọ mú ₦50. Nígbà tí mo fi káàdì ₦200 sí i ní ọjọ́ 8, kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi fa ₦50 tó kù yọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka méjèèjì sí ọ̀sẹ̀ kan, kí ìṣirò wa má baà tako ara wọn.

Mo ti gbìyànjú gbogbo ọ̀nà tí ẹ là sílẹ̀ fún oníbàárà. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹsàn-án, mo fi STOP ránṣẹ́ sí 35096. Èsì tó wá ni pé kò sí iṣẹ́ kankan ní orúkọ nọ́mbà mi. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, mo pe 300. Òṣìṣẹ́ yín sọ pé òun ti yọ ọ́, ó sì fún mi ní nọ́mbà tíkẹ́ẹ̀tì tí mo kọ sókè yìí. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 20, ₦100 tún lọ. Ní ọjọ́ 28, mo lo 305 tó wà fún dídá iṣẹ́ dúró. Òun náà ní kò sí nǹkan kan láti dá dúró. Àwòrán ojú fóònù mẹ́rin wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí: èsì STOP, èsì 305, àti iye owó tó wà lórí fóònù kí aago mẹ́fà tó lù àti lẹ́yìn rẹ̀ ní ọjọ́ 10, oṣù Kọkànlá.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò nìyí. Bí ẹ̀rọ kan bá ń sọ pé kò sí iṣẹ́, tí òmíràn sì ń gé owó rẹ̀, ó jọ pé ìwé méjì ló wà tí wọn kò bára wọn mu: ti ilé iṣẹ́ tó ń pèsè ìròyìn náà, àti ti ẹ̀rọ yín tó ń gba owó. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pa orúkọ mi rẹ́ nínú ìkan, kí àṣẹ ìsọdọ̀tun ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ṣì wà láàyè nínú èkejì. Ó sì tún ṣeé ṣe kí iṣẹ́ bíi mẹ́ta jọ máa lo 35096, kí STOP tí mo fi ránṣẹ́ láìsí ọ̀rọ̀ mìíràn lọ bá èyí tí kì í ṣe tèmi. Nítorí náà, ẹ má kàn wo ojú ẹ̀rọ tí òṣìṣẹ́ ìpè ń wò. Ẹ fi lẹ́tà yìí ṣọwọ́ sí àwọn tó ń bójú tó gbígba owó, kí wọ́n fi àkókò tí wọ́n gé ti ọjọ́ 10 wá orúkọ iṣẹ́ náà gan-an, kí wọ́n sì pa á níbi méjèèjì.

Ẹ má sì sọ pé kí n lọ tan DND. Mo ti fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 tipẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó ọjà ni ìyẹn ń dènà; kì í dá owó iṣẹ́ tó ti wà lórí nọ́mbà dúró.

Lórí ìforúkọsílẹ̀: ẹ fi ọjọ́, aago, àti ọ̀nà tí ẹ ní mo gbà fọwọ́ sí i hàn mí, yálà kóòdù tí mo tẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́ tàbí ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ẹ̀rí pé mo dáhùn nígbà tí wọ́n tún bi mí bóyá mo fẹ́ ẹ lóòótọ́. Ti íńtánẹ́ẹ̀tì kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni sìímù yìí wà nínú rẹ̀, kò sì lè wọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí mo fura sí ni ìkéde tí sìímù máa ń gbé jáde lójijì. Èèyàn ń tẹ nọ́mbà lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ á ṣàdédé bo ojú fóònù, bọ́tìnnì OK á sì bọ́ sí ibi tí ìka ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé irú títẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹ kọ sílẹ̀ bí ìfọwọ́sí, n kò gbà á ní ìfọwọ́sí. Ẹ bá mi pa ìkéde náà lórí nọ́mbà yìí, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo iṣẹ́ àsanwó mìíràn, àyàfi bí mo bá fúnra mi kọ̀wé béèrè.

Ní ti owó, ₦600 tí ẹ gé lẹ́yìn tí mo ti fi STOP ránṣẹ́ kò ní àríyànjiyàn nínú rárá. ₦500 ti oṣù Kẹsàn-án ló so mọ́ ẹ̀rí ìfọwọ́sí. Bí kò bá sí ẹ̀rí, ẹ dá òun náà padà. Inú owó ìpè gangan ni kí ẹ san án sí. N kò fẹ́ bónọ́ọ̀sì tí yóò kú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, tí kò sì ní ṣiṣẹ́ ju lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín nìkan.

Kí ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún mi nígbà tí ẹ bá ti yọ ọ́, kí orúkọ iṣẹ́ náà àti aago tí ẹ yọ ọ́ wà níbẹ̀. Èmi náà yóò wo iye owó orí fóònù ní aago márùn-ún ààbọ̀ àti aago méje àárọ̀ ọjọ́ 17. Bí ₦100 bá tún lọ, tàbí bí owó mi kò bá tíì wọlé títí di Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 21, oṣù Kọkànlá, n ó gbé tíkẹ́ẹ̀tì yìí àti àwọn àwòrán náà lọ sọ́dọ̀ àjọ NCC nípasẹ̀ 622.

Èmi ni tiyín,

A. Ògúnbíyìí