Ìgbà Òtútù Ọgbọ́n Àtọwọ́dá: Bí Ìrètí Ṣe Ń Ru, Tí Owó Sì Ń Gbẹ

Ní oṣù kìíní ọdún 1954, ní ìlú New York, obìnrin kan tí kò gbọ́ èdè Rọ́ṣíà tẹ gbólóhùn èdè náà sí ara káàdì, kọ̀ǹpútà IBM sì tú wọn sí Gẹ̀ẹ́sì lójú àwọn oníròyìn. Gbólóhùn tí ó tú lé ní 60, ṣùgbọ́n 250 ọ̀rọ̀ péré ni ó mọ̀, òfin gírámà 6 ni wọ́n fún un, àwọn tí ó ṣe é ni wọ́n sì ti fọwọ́ ara wọn ṣa gbólóhùn náà jọ. Síbẹ̀, Léon Dostert ti Yunifásítì Georgetown sọ pé láàárín ọdún 3 sí 5, ìtumọ̀ láti ọwọ́ ẹ̀rọ lè ti múlẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà, tí ó ń fẹ́ mọ ohun tí àwọn ará Rọ́ṣíà ń kọ, tú owó sílẹ̀. Ní 1966, ìgbìmọ̀ ALPAC, tí ìjọba náà yàn láti yẹ iṣẹ́ yìí wò, jábọ̀ pé ẹ̀rọ lọ́ra ju ènìyàn lọ, pé àṣìṣe rẹ̀ pọ̀ jù, àti pé ìlọ́po méjì ni iye tí ó ń náni. Ọ̀pọ̀ nínú owó náà sì dáwọ́ dúró. Irú àkókò báyìí, tí ìrètí rọlẹ̀ tí owó sì gbẹ, ni wọ́n ń pè ní ìgbà òtútù ọgbọ́n àtọwọ́dá.

Lójú tèmi, ohun tí ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò yàtọ̀ sí èyí: ohun kékeré tí ó yọrí sí rere ni wọ́n fi ń ṣe ìlérí ńlá fún ẹni tí ń sanwó. Ní 1965, Herbert Simon, onímọ̀ ọgbọ́n àtọwọ́dá ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé láàárín 20 ọdún, ẹ̀rọ yóò lè ṣe iṣẹ́ yòówù tí ènìyàn lè ṣe. Ní 1973, James Lighthill, onímọ̀ ìṣirò, jábọ̀ fún ìjọba Bìrìtìkó pé ohun tí ń dènà ìlọsíwájú ni bí ọ̀nà tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò ṣe ń di púpọ̀: bí ọ̀nà 10 bá wà ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìgbésẹ̀ 6 péré ti di ọ̀nà 1,000,000, kò sì sí kọ̀ǹpútà ìgbà náà tí ó lè bá a dé òpin. Àlàyé yẹn tọ̀nà. Ó kàn dùn mí pé gígé owó tí ó tẹ̀lé e kò yọ àwọn tí iṣẹ́ wọn dára sílẹ̀.

Ìrètí tún ru ní ọdún 1980 sí 1989, nígbà tí wọ́n ń fi òfin tí wọ́n gbà lẹ́nu ọ̀mọ̀ràn sínú kọ̀ǹpútà. Ètò XCON ń bá ilé-iṣẹ́ DEC, tí ń ta kọ̀ǹpútà, to ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tí oníbàárà fẹ́ rà pọ̀, ó sì ń gba owó ńlá lọ́wọ́ òfò. Ilẹ̀ Japan dá iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́wàá lórí kọ̀ǹpútà ọlọ́gbọ́n sílẹ̀ ní 1982, ẹ̀rù sì mú kí Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó náwó tiwọn. Ṣùgbọ́n bí òfin náà ṣe ń pọ̀ sí i ni àtúnṣe rẹ̀ ń le sí i, bí ọ̀ràn bá sì yà díẹ̀ kúrò nínú ohun tí wọ́n kọ́ ọ, ètò náà kì í mọ̀ pé òun ti ṣìnà. Ní 1987, àwọn kọ̀ǹpútà olówó gọbọi tí wọ́n ṣe fún Lisp, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò ọgbọ́n àtọwọ́dá, kò tà mọ́, nítorí pé èyí tí owó rẹ̀ kéré ti lè ṣe iṣẹ́ kan náà.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ yẹra fún orúkọ ọgbọ́n àtọwọ́dá nígbà tí wọ́n bá ń béèrè owó. Geoffrey Hinton àti àwọn díẹ̀ mìíràn kò fi ẹ̀rọ tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ láti inú àpẹẹrẹ sílẹ̀, títí ó fi borí nínú ìdíje dídá àwòrán mọ̀ ní 2012.