Lẹ́tà Àlàyé Lórí Ẹjọ́ Ọjọ́ Ìmọ́tótó, Ọdún 2011

Ṣómólú, Èkó
Ọjọ́ 9, Oṣù Kẹfà, 2025

Sí Òṣìṣẹ́ Ìwọ̀lú Kánádà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè bóyá kóòtù ti dá mi lẹ́bi rí. Àlàyé rẹ̀ nìyí.

Nígbà náà, Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni ọjọ́ ìmọ́tótó l'Ékòó, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ rìn nígboro láti aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀. Ní ọdún 2011, ikọ́ ẹ̀fúùfù gbé ìyá mi ní irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀mí ìyá ẹni ni. N kò lè dúró de aago mẹ́wàá. Bí mo ṣe ń lọ ra oògùn ni wọ́n mú mi, wọ́n sì gbé mi lọ sí kóòtù alágbèéká. N kò ní lọ́yà. Wọ́n ní kí n san ₦2,000, mo san án lójú ẹsẹ̀. Wọn kò tì mí mọ́lé.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fagi lé òfin má-rìn yẹn. Mo sì mọ̀ pé ẹ máa ń wò ó bóyá ohun tí èèyàn ṣe jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin Kánádà pẹ̀lú. Rírìn lójú títì láàárọ̀ Sátidé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Rìsíìtì owó ìtanràn àti ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá tí mo gbà ní Alágbọn, Ìkòyí, wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. N kò ní ẹjọ́ mìíràn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Fọláṣadé Adékànḿbí