Èsì sí lẹ́tà yín lórí iṣẹ́ ìdánwò: àbá àpẹẹrẹ iṣẹ́ kékeré tí a ó sanwó fún

Sí Olóòtú Àgbà, Ẹ̀ka Ìwé Ìlera

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú.

Inú mi dùn sí lẹ́tà tí ẹ kọ sí mi lọ́jọ́ Ajé, níbi tí ẹ ti sọ pé mo wà lára àwọn tí ẹ fẹ́ yan ẹni tí yóò túmọ̀ ìwé pẹlẹbẹ yín lórí ẹ̀jẹ̀ ríru àti lílo oògùn nílé sí èdè Yorùbá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka orí kẹta tí ẹ fi há lẹ́tà náà, nítorí pé ẹni tó kọ ọ́ mọ bí a ti í bá aláìsàn sọ̀rọ̀ láìdẹ́rù bà á, irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò sì wọ́pọ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, ó sì wù mí láti ṣe é.

Ẹ ní kí n túmọ̀ orí kẹta náà látòkè délẹ̀, gbogbo 4,200 ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kí n sì fi ránṣẹ́ sí yín láàárín ọjọ́ márùn-ún gẹ́gẹ́ bí ìdánwò tí kò ní owó nínú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má bínú, mi ò ní lè ṣe ìdánwò náà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé mo kọ̀ kí ẹ yẹ iṣẹ́ mi wò. Ẹni tó fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ìlera àwọn ènìyàn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní láti mọ irú ọwọ́ tí onítọ̀hún ní, bí ẹ kò bá sì béèrè àpẹẹrẹ kankan lọ́wọ́ mi rárá, èmi gan-an ni ìbá kọ́kọ́ ṣiyè méjì. Bí iṣẹ́ náà ṣe tóbi tó ni ìṣòro mi. Ìtumọ̀ 4,200 ọ̀rọ̀ nípa oògùn yóò gbà mí ní ọjọ́ méjì gbáko, ọjọ́ kẹta yóò sì lọ sí kíkà á lẹ́ẹ̀kan sí i àti títún àmì ohùn rẹ̀ ṣe, nítorí pé mi kì í fi iṣẹ́ tí n kò tíì tún kà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ mẹ́ta yìí, mo ti fi wọ́n ṣèlérí fún àwọn tó ti sanwó iṣẹ́ tiwọn. Yàtọ̀ sí èyí, orí kẹta jẹ́ apá kan gbòógì nínú ìwé tí ẹ máa tẹ̀ jáde. Mi ò rò pé ẹ ní ohun mìíràn lọ́kàn, ṣùgbọ́n ohun tí a óò tẹ̀ fún aráyé kà ti kúrò ní ìdánwò, iṣẹ́ gan-an ni.

Àbá tí mo mú wá ni pé kí ẹ yan nǹkan bí 300 ọ̀rọ̀ láti ibikíbi tó bá wù yín nínú ìwé náà, kí n túmọ̀ rẹ̀ fún yín ní iye owó tí mo ń gba lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tí mo ti kọ sínú lẹ́tà mi àkọ́kọ́. Mi ò ní fi kún iye náà nítorí pé iṣẹ́ náà kéré. Bí ẹ bá sì wá gbé gbogbo ìwé náà fún mi, mi ò ní ka 300 ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ owó iṣẹ́ ńlá náà, nítorí pé ẹ ti san án.

Ẹ lè máa rò ó pé 300 ọ̀rọ̀ kò tó láti fi mọ atúmọ̀ èdè. Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ yan ibi tó le jù. Ẹ wo ojú ìwé tí a ti ṣàlàyé bí a ṣe ń lo oògùn lójoojúmọ́. Bí atúmọ̀ èdè bá kọ "méjì lójúmọ́" níbi tó yẹ kó kọ "ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́", aláìsàn lè gbé hóró méjì mì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárọ̀, kó má sì lo ìkankan mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí ẹnìkan bá sì fi àmì kékeré tó máa ń wà lábẹ́ lẹ́tà síbi tí kò yẹ, "ẹ lo oògùn náà" yóò di "ẹ lọ oògùn náà", bẹ́ẹ̀ oògùn wà tí a kò gbọ́dọ̀ lọ̀ rárá, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni a ṣe é pé kó máa yọ́ nínú ara. Ìpínrọ̀ méjì irú èyí ti tó kí òǹkàwé tó gbọ́ Yorùbá dáadáa mọ̀ bóyá ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ fara balẹ̀ tàbí kò fara balẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìpalára tí oògùn lè fà: a kò rí orúkọ kúkúrú kan tí gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí náà ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i bóyá atúmọ̀ èdè lè ṣàlàyé nǹkan ní ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà kan yóò gbọ́, tàbí ó kàn ń to ọ̀rọ̀ ńláńlá jọ.

Láti ìgbà tí owó bá ti wọlé, èmi yóò fi àpẹẹrẹ náà ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì, pẹ̀lú àlàyé ṣókí lórí ọ̀rọ̀ tí mo bá rò pé a ní láti fẹnu kò lé lórí, bíi bóyá "ẹ̀jẹ̀ ríru" ni a óò máa lò jákèjádò ìwé tàbí "ìfúnpá gíga". Bí ẹ bá ní àtúnṣe, màá ṣe é lẹ́ẹ̀kan láìgba owó kún un. Ohun tí ẹ sanwó fún di tiyín pátápátá, ẹ sì lè tẹ̀ ẹ́ jáde bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, yálà èmi ni ẹ yàn tàbí ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá fẹ́ rí iṣẹ́ mi kí ẹ tó pinnu lórí àbá yìí, mo ní ìpín mẹ́ta láti inú ìwé ìlera tí mo ti túmọ̀ rí, tí àwọn tó ni wọ́n sì fún mi láyè láti fi han ẹlòmíràn. Ìyẹn kò ní owó nínú. Mo sì lè bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù fún ogún ìṣẹ́jú nípa ìwé náà nígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn lọ́sẹ̀ yìí.

Bí àbá yìí bá bá yín lára mu, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ìpín tí ẹ yàn ránṣẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì tó parí, kí n lè fi ìwé owó rẹ̀ ṣọwọ́ sí yín lọ́jọ́ náà. Bí ìlànà ilé iṣẹ́ yín kò bá sì fàyè gba àpẹẹrẹ tí a ń sanwó fún, ẹ jẹ́ kí n gbọ́, kò ní bí mi nínú, kí n lè fi ọjọ́ tí mo ti yà sọ́tọ̀ fún yín ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ ṣeun tí ẹ fọkàn tán mi débi pé ẹ kọ̀wé sí mi. Mò ń retí èsì yín.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Atúmọ̀ èdè tí ẹ kọ̀wé sí lọ́jọ́ Ajé