Lẹ́tà lórí àtúnṣe ìwé àdéhùn àwọn onípìn-ín ilé-iṣẹ́ yín

Ìbàdàn
9 Oṣù Kẹta, 2026

Sí Ìyáàfin Fọláṣadé Adéoyè,
Olùdarí Àgbà.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà.

A ti ka ìwé àdéhùn yín tán, láti ojú ìwé àkọ́kọ́ títí dé ibi ìfọwọ́síwèé. Fáìlì méjì ló bá lẹ́tà yìí wá. Nínú èkíní, gbogbo àtúnṣe hàn ní àwọ̀ pupa, kí ẹ lè rí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀. Èkejì ni èyí tó mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí ìkankan nínú méjèèjì, nítorí ibi mẹ́jọ ṣì wà tí lọ́yà yín gbọ́dọ̀ pinnu lé lórí. A fi yẹ́lò kun gbogbo wọn.

Bí a ṣe pín iṣẹ́ náà nìyí: àtúnṣe tí kò sún ẹ̀tọ́, owó, ọjọ́ tàbí ìbò ẹnikẹ́ni, àwa la ṣe é. Èyí tó bá lè sún ọ̀kan nínú wọn, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, a kọ ohun tí a rí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì fi í sílẹ̀. A kì í ṣe lọ́yà, àkíyèsí wa kò sì lè dúró fún ìmọ̀ràn òfin.

Àwọn tí a ti ṣe kò yẹ kó dà yín láàmú. A tún àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ ṣe jákèjádò. Ìwé náà ń pe àwọn ènìyàn kan náà ní "onípìn-ín" níbì kan, ní "ọmọ ẹgbẹ́" níbòmíràn, bẹ́ẹ̀ "onípìn-ín" nìkan ni abala 1 túmọ̀, nítorí náà òun la lò dé òpin. Nígbà tí ẹ fi abala 6 tuntun kún un, gbogbo abala tó tẹ̀ lé e sún síwájú, ṣùgbọ́n àwọn ìtọ́ka inú ìwé kò bá wọn sún. Abala 7.3, fún àpẹẹrẹ, ń rán ènìyàn lọ sí abala 12 fún bí a ó ṣe díye lé ìpín, ìdíyelé sì ti wà ní 13. A tún wọn ṣe, àfi ti 9.2. Ó ní kí wọ́n tẹ̀ lé "abala 8", tó jẹ́ ọ̀rọ̀ títa ìpín fún ará ilé báyìí. Kí ẹ tó fi abala kún un, ọ̀rọ̀ títa ìpín fún ará ìta ló ń jẹ́ 8. Méjèèjì ló bá gbólóhùn náà mu, àbájáde wọn kò sì jọra rárá. Lọ́yà ni kó mú ọ̀kan.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ wà ní 3.2. Ìwé náà fi nọ́ńbà kọ ìpín Ọ̀gbẹ́ni Akínọlá sí 260,000, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ lọ́rọ̀ sí "ọ̀kẹ́ mẹ́wàá", tó jẹ́ 200,000. Abala 2 sọ pé 1,000,000 ni gbogbo ìpín. Tiyín jẹ́ 400,000, ti àwọn méjì yòókù jẹ́ 190,000 àti 150,000. Ìṣirò yóò pé bí ti Ọ̀gbẹ́ni Akínọlá bá jẹ́ 260,000, ìyẹn ọ̀kẹ́ mẹ́tàlá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àṣìtẹ̀ lásán. Síbẹ̀ a kò fọwọ́ kàn án, nítorí ìbò. Òfin ilé-iṣẹ́ ti Nàìjíríà, ti ọdún 2020, sọ pé ìpinnu pàtàkì gbọ́dọ̀ gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbò tí wọ́n dì. Bí Ọ̀gbẹ́ni Akínọlá bá ní 260,000, tí gbogbo yín dìbò, ẹ̀yin mẹ́ta tó kù kò ní ju 740,000 lọ, ìyẹn ìdá 74 nínú ọgọ́rùn-ún: òun nìkan lè dá ìpinnu náà dúró. Bó bá jẹ́ 200,000 ló ní, kò lè dá a dúró. Kí lọ́yà yín wo ohun tó wà lákọọ́lẹ̀ lọ́dọ̀ CAC àti nínú ìwé orúkọ àwọn onípìn-ín kó tó tún un ṣe, kí Ọ̀gbẹ́ni Akínọlá fúnra wọn sì mọ̀ sí i.

Ó so mọ́ 5.4, tó ní "ìdá méjì nínú mẹ́ta" ti tó fún ìpinnu pàtàkì. Àdéhùn lè yan iye tirẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí òfin kò bá béèrè ìpinnu pàtàkì fún. Àmọ́ yíyí ìwé òfin ilé-iṣẹ́ padà wà lára àwọn tí òfin béèrè rẹ̀ fún, abala náà sì kó gbogbo wọn pọ̀.

Abala 14.1 kà báyìí: "Onípìn-ín gbọ́dọ̀ dá òwò tó bá ilé-iṣẹ́ díje sílẹ̀." Ó dájú pé "kò" ló já bọ́ níwájú "gbọ́dọ̀". Ṣùgbọ́n bí a bá fi í síbẹ̀, a ti fi òfin de ènìyàn mẹ́rin. Ìdí tó fi wà ní yẹ́lò nìyẹn, bó ti wù kó hàn kedere tó.

Ní 8.1, onípìn-ín lè ta ìpín "fún ọmọ, ọkọ tàbí aya tí àwọn yòókù bá fọwọ́ sí". Ṣé ọmọ náà nílò ìfọwọ́sí ni, àbí ọkọ àti aya nìkan? Ẹjọ́ ẹbí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi báyìí. Ẹ jọ fẹnu kò, kí lọ́yà wá kọ ọ́ ní gbólóhùn méjì.

Abala 7.2 fún àwọn onípìn-ín ní ọjọ́ 14 láti gba ìpín tí ẹnìkejì wọn fẹ́ tà, 7.5 sì pe àsìkò kan náà ní ọjọ́ 21. Ẹ mú ọ̀kan.

Abala 11.4 sọ pé ẹnikẹ́ni kò lè yọ Olùdarí Àgbà nípò. A mọ̀ pé ẹ̀yin ló ń dáàbò bò, nítorí náà ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Abala 288 òfin ọdún 2020 gba ilé-iṣẹ́ láàyè láti fi ìpinnu lásán, èyí tí ìbò tó ju ìdajì lọ ti tó fún, yọ olùdarí, ohun yòówù kí àdéhùn òun àti ilé-iṣẹ́ wí, bí wọ́n bá ti ṣe ìkìlọ̀ ọjọ́ 28 tó yẹ. Lọ́yà ló lè sọ bóyá ọ̀nà mìíràn wà láti dáàbò bò yín, bí àdéhùn lórí bí onípìn-ín yóò ṣe máa dìbò.

Abala 18 ṣì ń tọ́ka sí òfin ìlàjà àtijọ́; òfin ọdún 2023 ti rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe orúkọ nìkan ni ká pààrọ̀: kí lọ́yà wò bóyá ọ̀nà tí ẹ là sílẹ̀ láti yan onílàjà bá ti tuntun mu.

Ẹ fi fáìlì alápupa ránṣẹ́ sí lọ́yà, kì í ṣe èyí tó mọ́, kí ó lè rí ohun tí a yí. Ẹ ní kó dáhùn lórí ibi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ́kọ̀ọ̀kan ní kíkọ, kó sì fi àdéhùn náà wé ìwé òfin ilé-iṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ CAC. Bí méjèèjì bá takora, ó lè pọn dandan kí ẹ ṣèpàdé láti yí ìwé òfin náà padà.

Nígbà tí èsì bá dé, a ó fi sínú ìwé, a ó tún ìtọ́ka kà lẹ́ẹ̀kan sí i, a ó sì tẹ ẹ̀dà márùn-ún: ọ̀kan fún onípìn-ín kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ilé-iṣẹ́. Kí onípìn-ín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí, kí wọ́n sì sàmì sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe yọ ojú ìwé ìfọwọ́síwèé ti àtijọ́ so mọ́ tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ jáde nínú àdéhùn lè fi ìyẹn jiyàn pé ohun tí òun fọwọ́ sí kọ́ nìyí.

Bí lọ́yà yín bá fẹ́ bi wá ní ohunkóhun lórí àwọn àkíyèsí ẹ̀gbẹ́ ìwé, kó pè wá tààrà.

Tiyín ní tòótọ́,

Bùkọ́lá Ọ̀ṣúndáre
Olóòtú ìwé iṣẹ́