Sí màmá tó ni ilé oúnjẹ ní Tákíè: àmàlà tútù àti ₦1,800 tó lé

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Èmi ni mo kọ ọ́ lálẹ́ Sátidé pé: "Ìràwọ̀ kan gan-an ti pọ̀ jù fún wọn! Olè paraku! Ọ̀bùn! Àmàlà bí òkúta! Ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ má débẹ̀ o!" Mo ti pa á rẹ́. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tí ẹ lè rí mú ṣe. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí.

Sátidé, 8 oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwa mẹ́rin la wá, a sì jókòó sídìí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nǹkan bí aago 1:40 la sọ ohun tí a fẹ́ jẹ. Ó tó aago 2:25 kí oúnjẹ tó dé. Èrò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ń wo káńtà yín. Ẹni tó bá lọ dúró síwájú ẹni tó ń bu oúnjẹ ló ń rí tiẹ̀ gbà. Àwa tí wọ́n ní ká jókòó ni wọ́n gbàgbé. Ọmọ tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, ó tún padà wá béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣàkì mélòó lẹ pè?"

Àmàlà ló dùn mí jù. Ojú rẹ̀ ti gbẹ, ó ti ní awọ lókè. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, ńṣe ló ń já wẹ́wẹ́ bọ́ sínú ewédú. Mo rí ibi tí wọ́n ti mú un: kúlà méjì ló wà lẹ́yìn káńtà, èyí pupa kò ní ìdérí mọ́, nínú rẹ̀ ni wọ́n sì ti kó tiwa. Àwọn tó jẹ láti inú kúlà kejì kò ráhùn. Nítorí náà, mi ò lè sọ pé ẹ ò mọ ọkà rò. Ìdérí ló kù. Ọbẹ̀ ẹran náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán, kò sí iná lábẹ́ ìkòkò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí oúnjẹ tí a sè tí a fẹ́ máa bù tà gbóná ju 60°C lọ títí a ó fi bù ú.

Bàbá mi, tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, rọra ní kí wọ́n bá òun pààrọ̀ àmàlà náà. Ọmọkùnrin tó gbé oúnjẹ wá dá a lóhùn pé, "Bàbá, bẹ́ẹ̀ làwọn yòókù ṣe ń jẹ ẹ́ o," ó sì bá tiẹ̀ lọ. Ẹ wo ìlú tí wọ́n ti ń jẹ̀kà kí wọ́n tó mùkọ yangan, ẹ wá wo irú èsì yẹn fún àgbàlagbà! Ká ní ó sọ pé "Ẹ má bínú, sà" ni, bóyá mi ò ní kọ nǹkan kan rárá.

Owó ńkọ́? Àmàlà mẹ́jọ ní ₦300, ẹran mẹ́fà, ṣàkì méjì ní ₦800, omi mẹ́rin ní ₦200. ₦700 ni pátákó ara ògiri yín pe ẹran kan, nítorí náà ₦9,000 ló yẹ ká san. ₦10,800 ni wọ́n gbà, torí ₦1,000 ni wọ́n ṣírò ẹran kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé owó ní ẹran ti gbówó lórí. Mo gbà, ọjà ò ṣe é sọ lásìkò yìí. Mo ti yọ ọ̀rọ̀ "olè" kúrò. Ṣùgbọ́n òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 kò fàyè gba kí wọ́n gba owó tó ju iye tí wọ́n kọ síta lọ.

Gbẹ̀gìrì yín dára, kò níyanrìn, kò sì ṣàn jù. Obìnrin tó ń nu tábìlì náà wá béèrè bóyá Bàbá fẹ́ omi gbígbóná. Ẹ bá mi kí i.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀: ẹ dá ₦1,800 padà sínú àkáǹtì tí mo fi sanwó, ẹ tún iye orí pátákó kọ, ẹ ra ìdérí tàbí kúlà tuntun, kí ọmọ tó ń gbọ́ tẹnu àwọn èèyàn sì máa kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú nọ́ńbà. Ọmọkùnrin yẹn, ẹ má lé e o. Ẹ sáà jẹ́ kó mọ̀ pé bí ẹnì kan bá dá àmàlà tútù padà, kó pààrọ̀ rẹ̀ láìjiyàn.

Ìràwọ̀ méjì ni mo fún yín báyìí: ọ̀kan fún gbẹ̀gìrì, ọ̀kan fún obìnrin yẹn. Rìsíìtì àti fọ́tò pátákó náà wà lọ́wọ́ mi; bí ẹ bá fèsì síbí, màá fi ránṣẹ́ lónìí.