Ìdánwò Kékeré fún Ẹ̀yin Àgbà Tí Ẹ Ń Kọ́ Ìwé ní Kétu

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá. Ìbéèrè 7 ló wà níbí. A kò ní fún ẹnikẹ́ni ní máàkì. Ẹ rọra ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sókè, kí etí yín gbọ́ ohun tí ojú yín rí, kí ẹ tó fi bíkì yí A, B tàbí D ká. Ẹni tí kò bá rí lẹ́tà dáadáa, kí ó sún mọ́ iná. Bí ibì kan bá rú yín lójú, èmi ni kí ẹ bi. Ẹ má wo ìwé ẹnìkejì.

Ẹ ka èyí lẹ́ẹ̀mejì

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ lọ sí ọjà. Ó ra gàrí tóńgólò 2. Tóńgólò kan jẹ́ 400 fàránkì. Ó ra epo pupa ìgò kan, 900 fàránkì. Ọwọ́ ìyá kan náà ló ti ra méjèèjì. Ó fún un ní owó bébà 2.000 kan. Ìyá náà dá ẹyọ 200 kan àti ẹyọ 50 kan padà fún un.

1. Kí ni Ìyá Àbẹ̀kẹ́ rà?
A. gàrí àti ẹja
B. gàrí àti epo
D. àgbàdo àti epo

2. Èló ni gbogbo ohun tí ó rà?
A. 1.300
B. 1.700
D. 1.800

3. Ṣé owó tí wọ́n dá padà fún un pé?
A. Ó pé.
B. Ó ku 50 fàránkì.
D. Ó lé ní 50 fàránkì.

Ẹ lè fi ìka kà á, ẹ lè fi òkúta wẹ́wẹ́ kà á. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

4. Ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà abúlé kan. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ná an. Ọjọ́ wo ni wọn yóò tún ná an?
A. Ọjọ́bọ̀
B. Ọjọ́ Ẹtì
D. Ọjọ́ Àbámẹ́ta

5. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò oògùn ọmọ pé: «Ṣíbí kékeré 1, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọjọ́ 5.» Ní ọjọ́ kẹta, ara ọmọ ti yá. Kí ni ìyá rẹ̀ yóò ṣe?
A. Yóò da oògùn tó kù nù.
B. Yóò fún ọmọ ní ṣíbí 4 lẹ́ẹ̀kan náà kí ó lè tètè tán.
D. Yóò máa fún un lọ títí ọjọ́ 5 yóò fi pé.

6. Ẹ ń lọ sí Àjàṣẹ́ láti Kétu. Ọkọ̀ gba Pobẹ̀ àti Sakété kọjá. Orúkọ wo ni ẹ óò wá lójú pátákó títì?
A. Parakou
B. Porto-Novo
D. Savè

7. Ẹnì kan pè yín lórí fóònù. Ó ní: «Mo ṣèèṣì fi 10.000 fàránkì ránṣẹ́ sí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka nọ́ńbà àṣírí yín fún mi kí n lè gbà á padà.» Kí ni ẹ óò ṣe?
A. Ẹ óò ka nọ́ńbà náà fún un, torí ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.
B. Ẹ óò fún ọmọ yín ní fóònù kí ó kà á.
D. Ẹ kò ní kà á fún un. Ẹ óò wo iye tó wà lórí fóònù fúnra yín.

Nísinsìnyí, ẹ ṣí ojú ìwé tuntun. Ẹ kọ orúkọ yín àti orúkọ ọmọ yín kan bí ó ṣe wà nínú ìwé ìbí rẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó yàtọ̀ lè dá ọmọ dúró nígbà ìdánwò ilé ìwé, nítorí náà ẹ fara balẹ̀.

Ìdáhùn

1 ni B. 2 ni B: 400 àti 400 jẹ́ 800, a fi 900 kún un. 3 ni B: 300 ló yẹ kí wọ́n dá padà, 250 ni wọ́n dá. Kí Ìyá Àbẹ̀kẹ́ má jà o. Kí ó ní, «Ìyá, ẹ bá mi tún un kà», kí àwọn méjèèjì jọ kà á.

4 ni B. Bí àwọn àgbà wa ṣe ń ka ọjọ́, ọjọ́ tí a ná ọjà wà nínú márùn-ún náà: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. 5 ni D. Ìyá tó bá ní ìyeméjì, kí ó gbé ìgò náà padà lọ bi nọ́ọ̀sì. 6 ni B, nítorí Porto-Novo ni wọ́n ń kọ fún Àjàṣẹ́.

7 ni D. Èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo yín gbà kí ẹ tó lọ sílé. Olè ni ẹni tó bá ń béèrè nọ́ńbà àṣírí, ì báà pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ ilé owó, ì báà máa fi Ọlọ́run búra. Ẹ pa fóònù mọ́ ọn létí. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí iye owó yín, kí ẹ kà á.