Ìwé Àdéhùn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Télọ̀

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run.

A kọ ìwé yìí ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 13, oṣù kìíní, ọdún 2025, ní ṣọ́ọ̀bù Àlàájì Sàlíù Alábí, télọ̀ aṣọ ọkùnrin ní Adéta, Ìlọrin. Àlàájì ni Ọ̀gá nínú ìwé yìí. Ẹnì kejì ni Rasaki Àjàó, tó ń ta sìmẹ́ńtì ní Ọ̀fà. Òun ni Alágbàtọ́, nítorí òun ló ń tọ́ Mùbáráákù Àjàó, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti dolóògbé. Mùbáráákù jẹ́ ọmọ ọdún 17. Ó jókòó tì wá nígbà tí a ń kọ ọ́, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ iṣẹ́ náà.

Àkókò. Ọdún mẹ́ta ni, yóò parí ní ọjọ́ 12, oṣù kìíní, ọdún 2028. Ọjọ́ Ajé sí Sátidé, aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ yóò lọ kírun. Ní Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, tí wọ́n bá ti kírun Aláàsárì, ilé kéwú ló ń lọ, Ọ̀gá kò gbọdọ̀ dá a dúró. Tí Ìtúnu tàbí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, iṣẹ́ lè wọ òru, ṣùgbọ́n kò ní sun ṣọ́ọ̀bù: Ọ̀gá ni yóò san owó ọkọ̀ tí yóò gbé e délé àbúrò ìyá rẹ̀ ní Pàkátà, níbi tó ń gbé. Tí àìsàn bá gbà ju oṣù kan lọ lọ́wọ́ rẹ̀, a ó fi iye rẹ̀ kún ọdún mẹ́ta náà.

Iṣẹ́ tí yóò kọ́. Ní ọdún kìíní, yóò mọ máṣíìnì í tẹ̀, yóò mọ abẹ́rẹ́ ọwọ́, ihò bọ́tìnnì, etí aṣọ kíká àti aṣọ lílọ̀. Kó tó parí ọdún náà ó gbọ́dọ̀ lè dá ṣòkòtò rán. Ọdún kejì ni aṣọ wíwọ̀n àti gígé: bùbá, dàńṣíkí, jalamíà. Ọdún kẹta ni agbádá. Ọ̀gá kò ní máṣíìnì mọnogíráàmù, nítorí náà yóò mú un lọ sọ́dọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan fún oṣù mẹ́ta nínú ọdún kẹta, Alágbàtọ́ kò ní san kọ́bọ̀ lórí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ aṣọ gígé gba kí a là á yé ara wa, torí ibẹ̀ ni ìjà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún kìíní, ọmọ kò gbọdọ̀ fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ oníbàárà; akísà àti bébà sìmẹ́ńtì ni yóò máa gé. Tí Ọ̀gá bá fún un láṣọ oníbàárà gé lọ́dún yẹn, tó sì bàjẹ́, Ọ̀gá ló ni gbèsè. Láti ọdún kejì, Ọ̀gá yóò kọ́kọ́ wo ìlà ṣọ́ọ̀kì tí ọmọ fà. Tó bá ti ní kó gé e, tí àṣìṣe sì wá látọwọ́ ọmọ, Alágbàtọ́ yóò san ìlàjì owó aṣọ. Àmọ́ tí ọmọ bá gé e láìfi ìlà han Ọ̀gá, kódà kó jẹ́ àtíkù olówó gọbọi, Alágbàtọ́ ni yóò san gbogbo rẹ̀.

Yóò gbá ṣọ́ọ̀bù, yóò pọnmi sí i. Aṣọ ilé Ọ̀gá fífọ̀ àti iṣẹ́ oko kò sí níbẹ̀. Tó bá ṣẹ̀, kí Ọ̀gá bá a wí. Kò gbọdọ̀ nà án, kò sì gbọdọ̀ febi pa á.

Owó. Owó ìwọlé jẹ́ ₦60,000. Alágbàtọ́ ti san ₦40,000 lónìí lójú ẹlẹ́rìí. Ìyókù kò ní kọjá ìparí oṣù kẹfà. Ọ̀gá yóò máa fún ọmọ ní owó oúnjẹ lójoojúmọ́ tó bá wá síbi iṣẹ́: ₦500 ní ọdún kìíní, ₦800 ní ọdún kejì, ₦1,000 ní ọdún kẹta. Tọ́jà bá gbówó lórí, a lè tún owó oúnjẹ sọ. Lọ́dún kẹta, aṣọ tó bá dá gé tó sì dá rán, ìdá kan nínú mẹ́rin owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ọmọ, ọwọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ ni Ọ̀gá yóò sì san án sí.

Tí àdéhùn bá já. Tí ọmọ bá lọ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, Ọ̀gá yóò dá ìlàjì owó tó ti gbà padà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ìdápadà. Tí Ọ̀gá bá lé e láìṣẹ̀, yóò dá gbogbo owó ìwọlé padà. Tí Ọ̀gá bá kó kúrò ní Ìlọrin, tàbí tí Ọlọ́hun bá pè é, àwọn àgbà ẹgbẹ́ télọ̀ àdúgbò yóò wá ọ̀gá mìíràn fún ọmọ, kò ní bẹ̀rẹ̀ ọdún láti ìbẹ̀rẹ̀.

Òmìnira. Alágbàtọ́ yóò san ₦50,000. Iye yìí kò ní lé, bó ti wù kí ọjà rí. Àáfà, adúrà àti ìpanu jẹ́ ti ìdílé ọmọ, kò sì sí aṣọ ẹbí ọ̀ranyàn. Lọ́jọ́ náà gan-an, Ọ̀gá yóò fún un ní ìwé ẹ̀rí, máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àga rẹ̀, àlùmọ́gàjí, téèpù àti áyọ́ọ̀nù. Máṣíìnì náà lè jẹ́ àlòkù, àmọ́ ọmọ ni yóò tẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbà á. Fún ọdún kan, kò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òpópónà Ọ̀gá. Oníbàárà tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá a rí, kò sẹ́jọ́ níbẹ̀.

Ìwé méjì la kọ. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Ọ̀gá, ọ̀kan lọ́wọ́ Alágbàtọ́.

Sàlíù Alábí, Ọ̀gá: ó fọwọ́ sí i.
Rasaki Àjàó, Alágbàtọ́: ó tẹ̀ka.
Mùbáráákù Àjàó, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́: ó fọwọ́ sí i.
Ẹlẹ́rìí Ọ̀gá: Jímọ̀ Àkànó, télọ̀, Adéta.
Ẹlẹ́rìí Alágbàtọ́: Sífáwù Àjọkẹ́, àbúrò ìyá ọmọ, Pàkátà.